Ẹ Má Fi Ilé Dúró fún Ṣọ́ọ̀bù: Bí Oníṣòwò Ṣe Lè Ya Gbèsè Ilé Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Gbèsè Òwò

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò àjọ̀dún ọdún kẹwàá)

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ olóṣù ló pọ̀ jù nínú wa. Lónìí, bí mo bá ní kí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ìtẹ̀wé, oko adìyẹ tàbí ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù nawọ́ sókè, mo mọ iye ọwọ́ tí máa rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ báńkì tí mo ń ṣe, kò pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò wá sọ bí a ṣe ń di olówó o. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kì í ṣiṣẹ́ báńkì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ilé tí à ń sùn sí ṣe máa ń wọ inú gbèsè òwò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu pé kó wọ̀ ọ́, àti bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìyáwó àti ìyàwó, àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Àwọn méjèèjì ló máa ń bá èèyàn wọlé, ọ̀kan nínú wọn ni a kì í ṣe ìnáwó fún.

Màá sọ ìtàn ẹnì kan. Ìyá kan ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ó ń ṣe búrẹ́dì. Mo ti yí díẹ̀ nínú iye owó rẹ̀ padà, mi ò sì ní sọ ìlú rẹ̀, nítorí ó gbà kí n sọ ìtàn náà, ó kàn ní kí n má jẹ́ kí àwọn ará ọjà òun mọ̀ pé òun ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ìwé ẹ̀rí náà wà nínú férémù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó fẹ́ ra ààrò ńlá kan àti ẹ̀rọ tó ń po fúláwà. Ó lọ sí báńkì kan, ó yá ₦8,000,000, oṣù 24 ni yóò fi san án. Báńkì ní kí ó mú ohun ìdógò wá. Ó gbé ìwé ilé wọn lọ, ilé oníyàrá mẹ́rin tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá kọ́. Wọ́n ní kí ọkọ náà wá fọwọ́ sí ìwé. Bàbá wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ń kánjú lọ kírun, ó fọwọ́ síbi mẹ́rin. Títí di ìgbà tí ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀, bàbá yìí rò pé ẹlẹ́rìí ni òun. Onídùúró ni.

Owó tí yóò máa san lóṣù, ojú owó àti èlé pọ̀, jẹ́ nǹkan bíi ₦427,000. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Ọdún náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀ níwájú dọ́là. Fúláwà gbówó lórí, dísù gbówó lórí, àwọn tó ń ra búrẹ́dì kò sì ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, owó tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú àkáǹtì, báńkì yọ ọ́ fún gbèsè ààrò. Kò lè bínú sí wọn. Àkáǹtì kan ṣoṣo ló ní: owó búrẹ́dì, owó ilé-ìwé, owó èsúsú, owó aṣọ ẹbí, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. Báńkì kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ, èyí tó jẹ́ ti ààrò.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èyí tó dun ìyá yìí jù ṣẹlẹ̀. Ìyá tó bí i ti kú, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì ń dá owó ìnáwó sọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òun ni àgbà tí wọ́n fọkàn tán. ₦740,000 ló ti wọlé, inú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn pátápátá ni ó kó o sí, kí ó má baà pa pọ̀ mọ́ owó búrẹ́dì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àkáǹtì náà lófìfo. Ó ní wọ́n ti jí òun lówó. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Láti ọdún 2020 ni báńkì àgbà ilẹ̀ wa, CBN, ti fi ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI. Ẹni tó bá yáwó ní orúkọ ara rẹ̀ yóò fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan pé bí òun kò bá san, kí báńkì tó yá òun lówó gba ojú owó àti èlé rẹ̀ nínú àkáǹtì tí òun ní ní báńkì èyíkéyìí. Nọ́ńbà BVN ló so wọ́n pọ̀. Ìwé àṣẹ yẹn wà lára ibi mẹ́rin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn.

Títí dòní, àbúrò rẹ̀ kan ṣì wà tí kò gbà pé òótọ́ ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi owó ìsìnkú ìyá àwọn ra fúláwà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà dé pé báńkì ń bọ̀ wá ta ilé.

Ẹnu ibí yìí ni mo ti mọ̀ ọ́n, ẹnì kan ló mú un wá bá mi. Mo ní kí ó kó gbogbo ìwé wá, a sì tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo rí níbẹ̀ hàn yín, nítorí mo rò pé yóò jọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ àwọn kan níbí.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé inú férémù yẹn. Orúkọ òwò ni ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ òwò kì í ṣe ẹ̀dá kan lójú òfin. Bí mo bá ń jẹ́ Àkànní, tí mo wá kọ “Àkànní àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀” sára ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo sì gba ìwé ẹ̀rí lé e lórí, èmi náà ni. Gbèsè tí orúkọ yẹn bá jẹ, èmi ni mo jẹ ẹ́, ohun gbogbo tí mo ní sì wà nínú ewu: ilé, mọ́tò, ilẹ̀ tí mo rà sí etí ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé CAC ni CAC.

Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ parí sí Lìmítẹ́ẹ̀dì yàtọ̀. Lójú òfin, ẹni kan ni, ó dá dúró lọ́tọ̀. Ó lè ní dúkìá, ó lè jẹ gbèsè, a lè pè é lẹ́jọ́. Oníbàtà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un, Ààrónì Sálómọ́nì, tó sọ ṣọ́ọ̀bù bàtà rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ irú èyí. Òwò náà wọ gbèsè, àwọn olówó fẹ́ mú òun fúnra rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé rárá, ilé-iṣẹ́ ló jẹ yín, kì í ṣe òun. Ìdájọ́ náà wà nínú ìwé òfin ọdún 1897, òun ni àwọn lọ́ọ̀yà tiwa náà ń kọ́ títí dòní. Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí ló fi jẹ́ pé àwọn kan máa ń kọ orúkọ ọmọ ọwọ́ sí i. Òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2020 ti yí ìyẹn padà: ènìyàn kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀ báyìí, owó ìpín rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ₦100,000.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń mi orí. Ẹ dúró ná. Lìmítẹ́ẹ̀dì nìkan kò gba ilé kankan sílẹ̀.

Ìdí ni pé báńkì náà mọ òfin yẹn. Bí Lìmítẹ́ẹ̀dì rẹ bá wá yáwó, tí ilé-iṣẹ́ náà kò ní ju tábìlì àti àga lọ, a ó ní kí ìwọ tó ni ín fọwọ́ sí ìwé ìdúró. Ìwé ìdúró ni ojú ewé tí o ti ń sọ pé bí ilé-iṣẹ́ mi kò bá san, èmi yóò san án. Ní ọjọ́ tí o bá fọwọ́ sí i, ògiri tí òfin mọ sáàárín ìwọ àti òwò rẹ, o ti dá ihò sí i. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó yáwó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe sì dúró fún èlé. Títí wọn yóò fi san ojú owó, ìwọ̀fà kò lè kúrò lóko olówó. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀ràn ńlá ni, wọn a pe ẹbí jọ. Lóde òní, ilé ni ìwọ̀fà, a kì í sì í pe ẹnikẹ́ni. A ń kánjú lọ kírun.

Nítorí náà, ojú ewé ìdúró ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú ìwé àdéhùn, kí ẹ tó wá iye èlé pàápàá. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ṣé iye kan wà tí ìdúró náà kò lè kọjá? Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “gbogbo owó tí ilé-iṣẹ́ jẹ”, kò ní òpin nìyẹn. Ìkejì, ṣé gbèsè kan yìí nìkan ni, tàbí gbogbo gbèsè tí ilé-iṣẹ́ bá tún jẹ lọ́jọ́ iwájú? Èyí máa ń mú àwọn tó jẹ́ alájọṣe: o ti kúrò nínú òwò, ẹnì kejì rẹ tún lọ yá òmíràn, ìdúró tí o ṣe lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì ń dúró fún un. Ìkẹta, ṣé wọ́n dárúkọ ilé níbẹ̀? Ìdúró tí a kò dárúkọ dúkìá kankan sí ṣì léwu, nítorí báńkì lè gba ìdájọ́ kí ó sì wá dúkìá rẹ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, ààyè ìjíròrò sì wà. Èyí tí ìwé ilé wà nínú àpótí báńkì fún, ọ̀nà rẹ̀ kúrú.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ta ni yóò bá báńkì jiyàn. Òótọ́ ni pé báńkì kì í fẹ́ yí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ padà, pàápàá fún ẹni tí wọn kò mọ òwò rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀, òun ni mo tìtorí rẹ̀ dìde.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ₦427,000 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Èmi àti Ìyá Oníbúrẹ́dì gbìyànjú láti mọ iye tí òwò rẹ̀ ń mú wá ní àsìkò tó yáwó yẹn. Ọjọ́ méjì ni ó gbà wá, nítorí a ní láti máa tọ́ka sí owó kọ̀ọ̀kan nínú àkáǹtì pé kí lèyí, kí lèyí. “Èyí ńkọ́, mà?” “Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Alájà ni.” “Ti ibí yìí?” “Fúláwà. Rárá, oògùn bàbá wọn ni.” Nígbà tí a yọ ti ilé kúrò, lẹ́yìn fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, dísù àti owó àwọn òṣìṣẹ́, ohun tó ń ṣẹ́kù fún un lóṣù jẹ́ nǹkan bíi ₦300,000. Inú rẹ̀ náà ló ti ń jẹun.

Ẹ wò ó. Òwò tó ń mú ₦300,000 wá ni wọ́n gbé gbèsè ₦427,000 lé lórí. Láti oṣù àkọ́kọ́, kí fúláwà tó gbówó lórí rárá, kò lè gbé e. Ohun tó fi ń san án ni owó oṣù ọkọ, èsúsú, àti owó tí ọkọ yá ní kọ́pú níbi iṣẹ́ rẹ̀ fún owó ilé-ìwé, tí wọ́n fi ₦600,000 nínú rẹ̀ ra fúláwà. Báwo ni báńkì ṣe wá yá a lówó tí òwò rẹ̀ kò lè san? Báńkì ni mo ti ń jẹun, ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́: nítorí pé ilé wà níbẹ̀ ni. Bí ilé bá ti dúró, ọ̀gá tó ń yánilówó kì í wo òwò dáadáa mọ́. Oníṣòwò náà kì í wò ó. Iye tí ilé tó ni wọ́n fi ń wọn gbèsè, wọn kì í fi iye tí búrẹ́dì tó wọ̀n ọ́n.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé yíya gbèsè sọ́tọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́ọ̀yà, inú àkáǹtì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá yọ owó ilé kúrò nínú owó òwò, ẹnikẹ́ni kò lè mọ gbèsè tí òwò náà lè gbé, báńkì yóò sì máa béèrè fún ilé, nítorí ilé nìkan ni ó rí.

Ohun tí a ṣe nìyí. Ìyá lọ bá báńkì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ta ọkọ̀ tó fi ń pín búrẹ́dì, ó fi owó rẹ̀ dín gbèsè kù, wọ́n sì gbà kí ó fi oṣù 18 mìíràn san ìyókù. Àwọn ọlọ́kadà ló ń bá a pín búrẹ́dì báyìí; ó ní ó tilẹ̀ dín owó kù ju ọkọ̀ tó ń bàjẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó ṣí àkáǹtì méjì, ọ̀kan fún búrẹ́dì, ọ̀kan fún ilé. Owó búrẹ́dì gbogbo, títí kan èyí tí wọ́n san lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ wọ ti búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù fún ara rẹ̀: ₦180,000, ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, láti inú àkáǹtì kan sí èkejì. Ohunkóhun tí ilé bá fẹ́, inú ₦180,000 yẹn àti owó ọkọ ni yóò ti wá.

Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, kì í ṣe òfin. Oṣù kẹta, ó pè mí ní alẹ́ kan pé wọ́n ní kí òun mú owó aṣọ wá fún Ojúde Ọba, pé ṣé òun kò lè mú un nínú ti búrẹ́dì kí òun dá a padà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè mú un. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ yá a lọ́wọ́ búrẹ́dì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó dá a padà.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò wọ ti èṣí. Ẹ má wo mi bẹ́ẹ̀ o, èmi náà mọ ohun tí aṣọ jẹ́ nínú ẹgbẹ́.

Bó ṣe yẹ kí owó máa lọ láti òwò sí ilé pẹ̀lú ìwé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni láti ilé sí òwò. Bí o bá mú ₦300,000 láti inú owó ara rẹ fi ra fúláwà, má kàn tú u dà síbẹ̀. Kọ ọ́ pé o yá òwò náà, kí o fọwọ́ sí i. Nígbà tó bá di Lìmítẹ́ẹ̀dì, ìwọ náà yóò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó. Ti owó ilé-ìwé tàbí ìsìnkú, orúkọ ara rẹ ni kí o fi yá a, ní kọ́pú tàbí ibòmíràn, kí ohun tí yóò sì máa san án jẹ́ owó oṣù tí ò ń gbà, kì í ṣe dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ yáwó kí ó lè fi kọ́lé tàbí ṣe ìyàwó, kí ó mọ̀ pé ilé ẹjọ́ lè ya aṣọ tí Lìmítẹ́ẹ̀dì dà bò ó bí wọ́n bá rí i pé èrú ló wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí ìyá san gbèsè àkọ́kọ́ yẹn tán, ó gba ìwé ilé rẹ̀ padà, ó sì gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ báńkì pé ìdúró ọkọ rẹ̀ ti parí. Ẹ má gbàgbé lẹ́tà yìí. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ìwé ilé tí kò gba lẹ́tà. Ìgbà yẹn ni ó tó wá dá Lìmítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan ìdí tí kò fi dá a sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí gbèsè náà lè bọ́ sórí ilé-iṣẹ́ tuntun. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Gbèsè tí o fi orúkọ rẹ jẹ kì í kúrò lórí rẹ nítorí pé o dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, àfi bí ẹni tó yá ọ bá gbà pẹ̀lú ìwé. Ó ta ààrò àti ẹ̀rọ ìpofúláwà fún ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìwé ọjà, ilé-iṣẹ́ jẹ ẹ́ ní owó rẹ̀. Ohun èlò di ti ilé-iṣẹ́, ilé sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé.

Ó tún fẹ́ ra ààrò kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ ló lọ yáwó, ₦6,000,000 ni ó béèrè. Ó ní ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀: àkáǹtì tó ju oṣù 12 lọ tí kò sí aṣọ ẹbí tàbí oògùn nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó wò ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé òwò náà ń ta nǹkan bíi ₦3,200,000 lóṣù, pé ₦2,750,000 ń lọ sórí ohun èlò àti òṣìṣẹ́, pé ₦450,000 ló ń ṣẹ́kù. Yọ owó oṣù ìyá kúrò, ó ku ₦270,000. Èlé tí wọ́n sọ jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí a bá fi oṣù 24 san ₦6,000,000 ní irú èlé yẹn, yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦335,000 lóṣù. Kò wọlé. ₦4,000,000 yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦224,000. Ó wọlé, ó sì ku díẹ̀ fún oṣù tí ọjà bá kú. ₦4,000,000 ni wọ́n fún un. Inú rẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ náà, ó ní bí òun bá gbé ìwé ilé wá wọn ì bá ti fún òun ní mẹ́fà. Mo ní òótọ́ ni, mà, wọn ì bá ti fún yín.

Ohun ìdógò tó fi sílẹ̀ ni àwọn ààrò méjèèjì àti ẹ̀rọ ìpofúláwà. Òfin kan wà láti ọdún 2017 tó fàyè gba fífi dúkìá tó ṣeé gbé dógò, bí ẹ̀rọ, ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí, àní owó tí àwọn oníbàárà jẹ wá, tí báńkì yóò sì kọ wọ́n sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí CBN ń bójú tó. Ẹ̀rọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ tà á, kò sì yẹ kí o tún fi dógò níbòmíràn láìsọ, nítorí ẹni tó bá wo ìwé àkọsílẹ̀ yóò rí i. Báńkì tún ní kí ìyá ṣe ìdúró. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n ₦1,500,000 ni òpin rẹ̀, gbèsè yìí nìkan ni ó wà fún, a kò dárúkọ ilé níbẹ̀, ọkọ kò sì fọwọ́ sí ohunkóhun. Kì í ṣe gbogbo báńkì ni yóò gba irú èyí. Ibi mẹ́ta ni ó lọ kí ó tó rí ẹni tó gbà á.

Ó ní wàhálà tirẹ̀ o. Lìmítẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún, owó orí rẹ̀ yàtọ̀, ó sì nílò ẹni tí yóò máa ṣe ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń fi ₦200,000 ta ata kò nílò gbogbo èyí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àkáǹtì méjì àti ìwé àkọsílẹ̀ tó, kí ó sì ka ìwé àwọn ayánilówó kéékèèké dáadáa, nítorí àwọn kan ń kọ fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ilé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò.

Ìbéèrè kan kù tí Ìyá Ẹgbẹ́ bi mí kí a tó jókòó: bí ọkọ bá gbé ìwé wá pé kí ìyàwó fọwọ́ sí i, kí ni kí ìyàwó ṣe? Ìyàwó lè fọwọ́ sí i bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè ohun méjì kí ó tó mú bírò: ṣé ẹlẹ́rìí ni mí tàbí onídùúró, èló sì ni òpin rẹ̀? Kí ó gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni ọkọ fẹ́ fi dógò, kí ó mọ̀ pé kò ní agbára láti dá a ṣe láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí, ẹjọ́ tí yóò tẹ̀lé e kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Ìwé ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ báyìí, nínú àpótí tí bàbá nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìyá ní òun fúnra òun ló ní kí ó máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìwé àdéhùn tó fẹ́ kí a jọ wò, màá wà lábẹ́ kánópì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà títí wọn yóò fi gbé oúnjẹ wá.